Sítọ́ọ̀ méjì, ọjà mẹ́ta: bí a ṣe ń wá ọ̀nà tí owó ọkọ̀ máa fi kéré jù

Ẹni tó ní sítọ́ọ̀ kan ṣoṣo, tó sì ń kó ẹrù lọ sí ọjà kan ṣoṣo, kò nílò ìṣirò kankan. Yóò béèrè iye tí ọkọ̀ ń gbà, yóò ná an, ó parí. Ọjọ́ tí sítọ́ọ̀ bá di méjì, tí ọjà sì di mẹ́ta, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Sítọ́ọ̀ wo ló máa kó ẹrù fún ọjà wo? Àpò mélòó ló máa gba ọ̀nà kọ̀ọ̀kan? Ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa ń dáhùn pé, "Ibi tó bá sún mọ́ ara ni kí wọ́n kó o lọ." Ìdáhùn yẹn dùn ún gbọ́, àmọ́ ó lè gbówó lọ́wọ́ ẹni láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jalè.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ní ọ̀nà kan tó ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Kò le. Bírò àti ìwé kan ló gbà tí ibi tó wà nínú rẹ̀ kò bá pọ̀. Mo fẹ́ ṣe é lójú yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú àwọn ibi tí gbogbo wa mọ̀ lórí ilẹ̀ Èkó níhìn-ín. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ àwọn iye owó inú rẹ̀ kó lè rọrùn láti rò, ẹ má ṣe mú wọn lọ fi bá dẹrẹ́bà jà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí

Ẹ jẹ́ ká ní oníṣòwò kan wà, ká máa pè é ní Ìyá Onírẹsì. Ó ní sítọ́ọ̀ ní Dálékò, ní apá Mushin, àpò ìrẹsì 30 ló wà níbẹ̀. Ó ní òmíràn ní Ìddó, àpò 40 ló wà nínú ìyẹn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ní ọjà mẹ́ta. Ojúwòyè ní Mushin fẹ́ àpò 20, Láwánsọ̀n ní Sùúrùlérè fẹ́ 20, Tejúoṣó ní Yábà fẹ́ 30. Àpò 70 ló wà nílẹ̀, àpò 70 náà ni wọ́n ń bèèrè.

Iye tí ọkọ̀ ń gbà lórí àpò kan nìyí:

- Dálékò sí Ojúwòyè: ₦400
- Dálékò sí Láwánsọ̀n: ₦600
- Dálékò sí Tejúoṣó: ₦1,000
- Ìddó sí Tejúoṣó: ₦500
- Ìddó sí Ojúwòyè: ₦1,000
- Ìddó sí Láwánsọ̀n: ₦1,400

Iṣẹ́ tó wà níwájú wa ni pé kí gbogbo ọjà gba iye tó bèèrè, kí sítọ́ọ̀ kankan má kó ju ohun tó ní lọ, kí àpapọ̀ owó ọkọ̀ sì kéré jù lọ.

Ohun tí ojú ń sọ fún ni

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe é bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe é. Ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré jù ni Dálékò sí Ojúwòyè, ₦400. Ẹ kó àpò 20 gba ibẹ̀, Ojúwòyè ti yó. Owó ìyẹn jẹ́ ₦8,000. Èyí tó tẹ̀ lé e ni Ìddó sí Tejúoṣó, ₦500. Ẹ kó 30, Tejúoṣó náà ti yó, ₦15,000. Lẹ́yìn ìyẹn ni Dálékò sí Láwánsọ̀n, ₦600. Àmọ́ àpò 10 péré ló kù ní Dálékò, nítorí náà 10 la rí kó, ₦6,000. Dálékò ti tán.

Láwánsọ̀n ṣì ń dúró de àpò 10. Ibo ló kù tí a lè ti mú un? Ìddó nìkan. Ẹ wá gbọ́dọ̀ san ₦1,400 lórí àpò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦14,000. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: ₦43,000.

Ṣé ẹ rí ibi tó ti wọ́? Dálékò kó gbogbo ogún àpò Ojúwòyè torí pé ọ̀nà yẹn pọ́ọ́kú, kò sì ṣẹ́ èyí tó tó kù fún Láwánsọ̀n. Ọ̀nà tó kéré lówó lónìí ló sọ ọ̀nà ọ̀la di ọ̀wọ́n.

Dídá ẹrù padà lórí ìwé

Ibí yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ìlànà tí mo ń sọ kò yàtọ̀ sí ohun tí a ti ṣe bọ̀ yìí, àfi lórí ohun kan. Gbogbo ìgbà tí a bá ti kó ẹrù gba ọ̀nà kan, a óò kọ ọ̀nà ìdápadà kan sílẹ̀ fún un, láti ọjà sí sítọ́ọ̀. Iye àpò tí ọ̀nà ìdápadà yìí lè gbà kò ju iye tí a ti kó lọ. Owó rẹ̀ sì jẹ́ owó àlọ náà pẹ̀lú àmì àyọkúrò níwájú. Tí a bá ti kó àpò kan láti Dálékò lọ sí Ojúwòyè ní ₦400, ọ̀nà láti Ojúwòyè padà sí Dálékò á jẹ́ −₦400. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé tí a bá yí ọkàn padà lórí àpò yẹn, a ti rí ₦400 gbà padà.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọkọ̀ kan máa gbé ìrẹsì padà wá o. Ọkọ̀ kankan kò tíì gbéra. Orí ìwé la wà, ètò là ń tún ṣe.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sí ibi tí a dé, nígbà tí Láwánsọ̀n ṣì ń wá àpò 10. A ti kó 20, 30 àti 10, owó wa sì ti di ₦29,000. Ìbéèrè wa ni pé: láti ibi tí ẹrù ṣì kù, ọ̀nà wo ló kéré lówó jù dé ibi tí wọ́n ṣì ń fẹ́ ẹrù, tí a bá gbà kí ọ̀nà ìdápadà náà wà lára rẹ̀?

Ọ̀nà tààrà jẹ́ ₦1,400. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí: láti Ìddó lọ sí Ojúwòyè (₦1,000), láti Ojúwòyè padà sí Dálékò (−₦400), láti Dálékò lọ sí Láwánsọ̀n (₦600).

1000 − 400 + 600 = 1200

₦1,200 lórí àpò kan, ó kéré sí ₦1,400. Ohun tó túmọ̀ sí ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni pé kí Ìddó gba àpò 10 nínú ti Ojúwòyè ṣe, kí Dálékò lè fi àpò 10 tó bá yọ lọ́wọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Láwánsọ̀n. Àpò mélòó ló lè gba ibẹ̀? Ohun tó kéré jù lójú ọ̀nà náà ló máa pinnu. Ìddó ní 10 tó kù, Láwánsọ̀n fẹ́ 10, ọ̀nà ìdápadà lè gba 20. Nítorí náà 10 ni.

Ètò tó jáde nìyí: Dálékò kó 10 fún Ojúwòyè (₦4,000) àti 20 fún Láwánsọ̀n (₦12,000). Ìddó kó 30 fún Tejúoṣó (₦15,000) àti 10 fún Ojúwòyè (₦10,000). Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦41,000. Ẹgbẹ̀rún méjì náírà la fi jèrè lórí ètò ti àkọ́kọ́, láìná dẹrẹ́bà kankan sí i. Ẹ sì kíyè sí i pé èèyàn tó ń wò ó láti ìta lè sọ pé ìwà òmùgọ̀ ni kí Ìddó máa kó ẹrù lọ sí Mushin nígbà tí sítọ́ọ̀ wà ní Dálékò. Ó dà bí òmùgọ̀ lóòótọ́, àmọ́ òun ló pọ́ọ́kú jù.

Kí ló fi hàn pé kò tún sí èyí tó dín sí i?

Ọ̀nà méjì ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Èkíní ni owó ọ̀nà tí a ń yàn níyípo kọ̀ọ̀kan. Nínú àpẹẹrẹ wa, ó jẹ́ 400, lẹ́yìn náà 500, 600, 1,200. Kò wálẹ̀ rí. Bó ṣe gbọ́dọ̀ rí nìyẹn, torí pé ọ̀nà tó kéré jù là ń yàn níyípo kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà ìdápadà tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kò lè bí ọ̀nà tó kéré ju èyí tó ṣí i lọ. Tí ẹ bá ń ṣe ìṣirò yìí tí ẹ rí i pé owó yípo kan kéré ju ti yípo tó ṣáájú rẹ̀, ẹ dúró. Ẹ ti fo ọ̀nà kan tó pọ́ọ́kú sẹ́yìn.

Èkejì ni pé kí a wá òbìrípo tó ń dín owó kù nínú ètò tó ti parí. Ẹ mú ètò ₦43,000 yẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó, ẹ lọ sí Ojúwòyè (+1,000), ẹ padà sí Dálékò (−400), ẹ lọ sí Láwánsọ̀n (+600), ẹ padà sí Ìddó (−1,400). Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ −200. Èyí ń sọ fún yín pé gbogbo àpò tí ẹ bá yí gba òbìrípo yìí máa dín owó yín kù ní ₦200. Àpò 10 ni, ₦2,000 sì nìyẹn, iye tí a jèrè gan-an. Nínú ètò ₦41,000, kò sí irú òbìrípo bẹ́ẹ̀ mọ́. Níbi tí kò bá ti sí i, ètò náà ti kéré dé góńgó.

Ọ̀rọ̀ òbìrípo yìí kì í ṣe ti àná. Lọ́dún 1930, ará Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Tolstoi kọ̀wé lórí bí wọ́n ṣe lè fi rélùwéè kó iyọ̀, sìmẹ́ńtì àti àwọn ẹrù mìíràn káàkiri Sófíẹ́ẹ̀tì. Ó yanjú ọ̀kan tó ní orísun 10 àti ibi ìgbẹ́rùdé 68, nígbà tí kò tíì sí kọ̀ǹpútà. Ó rí i pé ètò tó ṣì ní òbìrípo tó ń dín owó kù kò tíì dára tó. Ìlànà yíyan ọ̀nà tó pọ́ọ́kú jù léraléra yìí wá jáde nínú iṣẹ́ Jewell ní 1958, Iri ní 1960, àti Busacker pẹ̀lú Gowen ní 1961. Olúkúlùkù wọn ló dá a rò fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀nà bá ní òṣùwọ̀n

Ní Èkó, ọ̀nà kì í gba iye ẹrù tí a bá fẹ́. Ká ní ọkọ̀ tó ń ti Ìddó lọ sí Ojúwòyè lọ́jọ́ yẹn kò lè gbà ju àpò 6 lọ. Ìlànà náà kò yí padà. Yípo kẹrin máa kó àpò 6 gba ọ̀nà ₦1,200, torí pé 6 ni ohun tó kéré jù lójú ọ̀nà báyìí. Ọ̀nà yẹn á kún. Yípo karùn-ún á wá ọ̀nà míì fún àpò 4 tó kù, ohun tó sì rí ni tààrà láti Ìddó sí Láwánsọ̀n, ₦1,400. Àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ ₦41,800.

Ẹ tún kíyè sí i pé kò sí ibi tí ìdajì àpò ti jáde. Tí iye inú sítọ́ọ̀, iye tí ọjà fẹ́ àti òṣùwọ̀n ọ̀nà bá jẹ́ odidi, gbogbo ohun tí ìlànà yìí máa kó náà á jẹ́ odidi.

Ibùdó tó wà láàárín

Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń kọ́ gbàgede oúnjẹ ńlá kan sí Kétu-Èrèyún ní Ẹ̀pẹ́. Èrò wọn ni pé kí ẹrù máa tibẹ̀ lọ sí àwọn ibùdó aláàárín, kó tó dé ọjà. Irú ibùdó aláàárín bẹ́ẹ̀ kan wà ní Ìdí-Òrò, ní Mushin. Ìlànà wa lè sọ fún yín bóyá irú ibùdó bẹ́ẹ̀ máa ṣe òun tí ń kó ẹrù láǹfààní.

Ẹ fi Ìdí-Òrò kún àwòrán wa gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹrù ń gbà kọjá. Ká ní Ìddó sí Ìdí-Òrò jẹ́ ₦600, Ìdí-Òrò sí Láwánsọ̀n sì jẹ́ ₦500. Ọ̀nà tuntun yìí jẹ́ ₦1,100, ó fi ₦100 kéré sí ₦1,200. Yípo kẹrin á gba ibẹ̀, àpapọ̀ owó á sì wá sí ₦40,000. Ìdí-Òrò ti wúlò fún Ìyá Onírẹsì pẹ̀lú ₦1,000.

Ṣùgbọ́n àwọn alábàárù ńkọ́? Àpò tó bá balẹ̀ ní Ìdí-Òrò, èèyàn ló máa sọ̀ ọ́, èèyàn náà ló máa tún gbé e sínú ọkọ̀ míì. Tí owó ìyẹn bá jẹ́ ₦150 lórí àpò, ọ̀nà ₦1,100 ti di ₦1,250. Ìlànà náà á kọ̀ ọ́, á padà sí ọ̀nà ₦1,200 tí a ti mọ̀, bíi pé wọn kò kọ́ ibùdó kankan síbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ibùdó kan máa ràn án lọ́wọ́, kó má wo bí ó ṣe jìnnà sí nìkan. Kó ka owó sísọ̀ àti gbígbé mọ́ ọn.

Ibi tí ó ti ń dani láàmú

Fún ibi márùn-ún, ojú lásán tó láti rí ọ̀nà tó pọ́ọ́kú jù. Fún ogójì ibi, kọ̀ǹpútà ló máa ṣe é, ìyẹn sì ní pàkúté kan. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ mọ̀ fún wíwá ọ̀nà tó kéré jù ni ti Dijkstra, ti ọdún 1959. Gbàrà tó bá ti yan ibi kan, ó máa ń ti owó ibẹ̀ pa, kò ní padà wò ó mọ́. Ìyẹn dára níbi tí kò sí owó tó ní àmì àyọkúrò. Ọ̀nà ìdápadà wa ní àmì yẹn, ó sì lè mú kí ibi tí wọ́n ti ti owó rẹ̀ pa tún rí ọ̀nà tó kéré sí i. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé ìgbà míì ó máa ń bọ́ sí i, nítorí náà ẹni tó ń lò ó kò ní tètè fura. Ìlànà Bellman àti Ford kò ní ìṣòro yìí: ó máa ń tún gbogbo ọ̀nà wò léraléra títí owó ibì kankan kò fi ní wálẹ̀ mọ́. Ó lọ́ra ju ti Dijkstra lọ. Tomizawa ní 1971, àti Edmonds pẹ̀lú Karp ní 1972, fi hàn pé a lè ṣe àtúnṣe sí owó ọ̀nà kí àmì àyọkúrò pòórá, kí Dijkstra sì wá ṣeé lò láìséwu.

Ìṣòro kejì kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà rárá. Ìlànà yìí gbà pé àpò kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀. Dẹrẹ́bà Kòròpe kì í sábà rò ó bẹ́ẹ̀. Iye tó bá dá fún ìrìn àjò kan ló fẹ́ gbà, ọkọ̀ ìbáà kún, ìbáà ṣẹ́kù. Ẹ rántí àpò 4 tó ń ti Ìddó lọ sí Láwánsọ̀n nínú àpẹẹrẹ òṣùwọ̀n. Lórí ìwé, ₦5,600 ni. Tí dẹrẹ́bà bá sọ pé ₦14,000 lòun ń gbà fún ìrìn àjò náà, ìwé ti parọ́ fún yín nìyẹn. Àmì tí ẹ fi máa mọ̀ ni kí ètò máa rán àpò díẹ̀díẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ọ̀nà. Nígbà tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ fi owó ìrìn àjò ro àwọn ọ̀nà kéékèèké yẹn lọ́tọ̀, kí ẹ sì wo bóyá ètò míì tó kó wọn pọ̀ máa dín.

Ta ni ebi máa pa?

Ohun ìkẹyìn yìí ni mo rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń ṣètò oúnjẹ fún ìlú gbọ́. Ká ní Ìddó ní àpò 30 péré dípò 40. Ẹrù wá jẹ́ 60, àmọ́ 70 ni àwọn ọjà fẹ́. Ìlànà wa á ṣe yípo mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹrù á tán, á sì dúró. Ojúwòyè gba gbogbo 20 rẹ̀. Tejúoṣó gba gbogbo 30. Láwánsọ̀n gba 10, ìdajì ohun tó bèèrè.

Kò sí àṣìṣe kankan nínú ìṣirò yẹn. Fún àpò 60, ₦29,000 ni owó tó kéré jù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ìyà náà jẹ: ọjà tí owó ọkọ̀ rẹ̀ wọ́n jù. Tí a bá ní kí ìṣirò kan wá owó tó kéré jù, ohun tó máa wá náà nìyẹn. Kò mọ̀ pé àwọn ará Láwánsọ̀n náà ń jẹun. Tí a kò bá fẹ́ kí ọjà kan máa gba ìyókù nígbà gbogbo, àwa fúnra wa la gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọjà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán àpò báyìí báyìí. Nínú àpẹẹrẹ yìí, tí a bá ní kí Láwánsọ̀n gba ó kéré tán 15, a óò mú 5 kúrò lára ti Ojúwòyè, Dálékò á kó 15 fún ọjà kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì, owó ọkọ̀ á sì di ₦30,000. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ni iye tí ìpín tó tọ́ fi lé e.